Mẹ́jọ Ààbọ̀ Nínú Ogún

Nínú ilé Bàbá Bàrúwà ní Ìlaròó, Abdulkabir ni ọ̀mọ̀wé. Ó ti jáde ní polí, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè é sí ọ̀rọ̀ ìwé ju kó jẹun lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Rodiat, àbúrò rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, dé fún ọlidé, òun náà ni Rodiat gbé fóònù fún.

Èdè Faransé ni gbogbo ojú ìkànnì iléèwé ọ̀hún. Níwájú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ 8,50/20. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ kan wà tí wọ́n pè ní rattrapage: Rodiat kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́, ó sì ku ọjọ́ márùn-ún tí àkókò yóò fi pé.

“Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ àwọn tó fìdí rẹmi lèyí,” ni Rodiat wí. “Ṣé kí n ṣe é?”

Abdulkabir ṣírò rẹ̀ wàrà. “Méjìlélógójì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún nìyí. Ogójì la fi ń yege. O ti yege, jàre.”

“Kí ló wá dé tó ń jáde sí mi?”

“Gbogbo kíláàsì ló máa ń jáde sí. Lọ bá Màmá ní ìsọ̀.”

Ó lọ. Kí ni kó ṣe? Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ Bàbá ti là á mọ́lẹ̀ fún un kí ó tó kọjá bọ́dà pé bó bá fi lè tún ọdún kan kà, kó padà wálé wá máa tajà, ìwé parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹfà, Rodiat tún ṣí ìkànnì náà. Lẹ́tà pupa ló bá níbẹ̀: àkókò ti fi wákàtí mẹ́sàn-án kọjá. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó pe Husain, aṣojú kíláàsì wọn, Abdulkabir sì dúró tì í.

“Mẹ́jọ ààbọ̀ kẹ̀?” ni Husain ké lórí fóònù. “Mẹ́wàá ni wọ́n fi ń yege níbí! Wọ́n ti tì í pa. Láìsí ẹ̀kọ́ yẹn, wàá tún ọdún yìí kà ni.”

Ogójì! Ogójì polí ni Abdulkabir gbé kọjá bọ́dà, kò sì bi ẹnì kan. Ojú tì í débi pé kò lè wo Rodiat.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Bàbá, ó sì pè wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Rodiat, ẹ̀gbọ́n ẹ wà nílé. Kí ló dé tí o ò bi í?”

Rodiat wo Abdulkabir. Abdulkabir dorí kodò.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni Rodiat wí. “Èmi ni mo gbàgbé.”

“Kò burú. Lọ́jọ́ Ajé, wàá tẹ̀lé ìyá ẹ lọ kó ọjà wá láti ọjà Tube.” Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí Abdulkabir. “Bá a kọ̀wé sí iléèwé rẹ̀ pé kò ní padà wá mọ́. Ìwọ lo mọ̀wé.”

Abdulkabir gba fóònù náà.