Ìwé Tó Ní Kò Pọn Dandan

Ojú ewé mẹ́rin ni ìwé náà. Mátíróònù ló fi lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́nu ọ̀nà lífítì, nígbà tí mo ń ti bẹ́ẹ̀dì òfìfo bọ̀ láti yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní, "Táyà, Ọ̀gá Dókítà ní kí n fún ọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Tí wọ́n bá ti ní Ọ̀gá ló ní kí wọ́n fún mi, kí ló tún kù tí mo fẹ́ kà níbẹ̀?

Táyà ni wọ́n ń pè mí ní ilé ìwòsàn yìí, torí iṣẹ́ mi ni láti máa ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí aláìsàn sùn lé láti yàrá kan dé òmíràn. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Ọ̀gá Dókítà ló gbà mí síṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Lọ́dún tó kọjá, òun náà ló kọ lẹ́tà tí ọmọ mi obìnrin fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ibi tí mo bá yíjú sí, oore ọkùnrin yẹn ni mò ń rí, oore sì máa ń wúwo lọ́rùn ẹni ju ẹrù lọ.

Mo ka ìwé náà lọ́sàn-án, lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Ó ní àwọn ń pe àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wá síbi ìwádìí kan. Kọ̀ǹpútà ni yóò pín àwọn tó bá kópa sí ọ̀nà méjì, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ gègé: apá kan á máa lo oògùn tí wọ́n ti ń lò bọ̀, apá kejì á máa lo hóró kan ṣoṣo tí wọ́n pa oògùn méjì pọ̀ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò yan apá tó wù ú, dókítà pàápàá kò ní bá èèyàn yàn án. Ọdún kan gbáko ni. Oṣooṣù ni wọn yóò máa fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọn yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn ò fi ewu ibẹ̀ pa mọ́: òòyì lè kọ́ èèyàn, ẹsẹ̀ lè wú, orí lè máa fọ́ni. Nọ́ńbà ni wọn yóò fi dípò orúkọ lórí gbogbo àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà: Kò pọn dandan kí ẹ kópa. Ẹ lè ní ẹ ò ṣe láìsọ ìdí. Ẹ lè kúrò níbẹ̀ nígbàkígbà. Èyí ó wù kí ẹ ṣe, ìtọ́jú yín kò ní yí padà.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ ìyẹn kò tíì bá Mátíróònù pàdé.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ló wá pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n kọ orúkọ oògùn méjèèjì tó wà nínú hóró náà síbẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tí ọ̀kan nínú wọn bá ti yọ lẹ́nu rí kò gbọdọ̀ kópa. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ọ̀gá fún mi ní oògùn yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń ti ìyá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀ níbi ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ni òòyì bá kọ́ mi. Ojú mi ṣú, mo ṣubú, bẹ́ẹ̀dì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì lọ gbá ògiri. Ọwọ́ ìyá náà wà lára irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìka rẹ̀ méjì fọ́. Nígbà tí wọ́n sáré dé, mo ní táyà ló yẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹni tó ń tún táyà ṣe ni wọ́n bá wí, ọ̀rẹ́ mi ni, ó tú táyà náà, kò rí nǹkan kan tó ṣe é, ó wò mí lójú, ó sì dákẹ́. Nígbà tí Ọ̀gá bi mí pé báwo ni oògùn náà, mo ní, "Ó dáa, sà. Ilé oògùn ni ò ní in mọ́." Ó pa á dà fún mi. Èyí tó fi rọ́pò rẹ̀ ló bá mi lára mu títí di òní.

Ẹ wá wo ibi tí mo há sí. Tí mo bá kópa, tí gègé sì mú mi sí apá tuntun, mo lè tún ṣubú pẹ̀lú èèyàn níwájú mi. Tí mo bá sọ ìdí tí mi ò fi lè kópa, wọn á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa nípa táyà, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá kọ̀ láìsọ nǹkan kan, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ọ̀gá, nígbà tí ọmọ mi ṣì ní ọdún méjì níwájú? Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí mo délé, mo fi ìwé náà han ìyàwó mi. Ó kà á tán, ó ní, "Ṣebí wọ́n ní kò pọn dandan."

"Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe, kó tán síbẹ̀."

Mo tẹ̀ ba, mo ń tú okùn bàtà mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò lè sọ ọ́. Tí ọkùnrin yẹn bá ní kí ẹ jókòó lórí iná, ẹ̀yin á ní ẹ ṣé o, sà, ibẹ̀ móoru dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá nu ojú rẹ̀, ó ká ìwé náà padà fún mi. "Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọ o," ló wí, ó sì lọ gbé ìkòkò ka iná.

Lọ́jọ́rú, mò ń gbé aláìsàn kan lọ sókè, Ọ̀gá wọ lífítì bá wa. Ó ń wo fóònù rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní, "Táyà, ṣé o ti fọwọ́ sí ìwé ìwádìí yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹnu mi ló sọ ọ́, kò dúró gbọ́ tinú mi. Ó ní, "O ṣeun," ó sì bọ́ sílẹ̀ ní àjà kẹta. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi pa dé. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, sà, ló sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó wá di dandan kí n lọ sọ irọ́ di òótọ́.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìwádìí náà ní yàrá kékeré tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọdébìnrin tó wọ awò ojú ni, kì í ṣe ara àwọn tó ń tọ́jú wa. Ó fún mi ní àga, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé náà fún òun. Mo kà á bí ọmọ iléèwé: kọ̀ǹpútà, hóró kan, ọdún kan, kò pọn dandan.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Kí wá ló dé tí ẹ fẹ́ kópa?"

"Nítorí Ọ̀gá ni."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, mi ò lè gba ìfọwọ́sí yín bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi mí síbí nìyẹn, kó má baà jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò máa bi àwọn aláìsàn rẹ̀ bóyá wọ́n á kópa. Mi ò ní sọ fún un pé ẹ kọ̀."

"Ṣé kò ní rí orúkọ àwọn tó gbà ni?"

"Ó lè rí i," ló wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Tí kò bá rí tèmi níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní bírò yẹn." Mo gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń bẹ ọmọ tí mo lè bí, pé kó jẹ́ kí n kó wọ inú ohun tí mi ò fẹ́. Inú bí mi sí i, inú sì bí mi sí ara mi jù.

Kò fún mi. Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní èyí. Ṣé ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì yìí ti yọ yín lẹ́nu rí?"

"Rárá" ló yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè mi. Àmọ́ igbe tí ìyá àgbà yẹn ké ni mo tún gbọ́, igbe kékeré kan, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ní, "Ó ti yọ mí lẹ́nu. Mo ṣubú." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní, "Ó parí nìyẹn, bàbá. Bí ẹ tilẹ̀ fẹ́, a ò lè gbà yín, ó lè ṣe yín léṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà yín mọ̀ nípa oògùn yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ fún un."

Ọ̀gá ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo dúró, mi ò jókòó. Mo ní mi ò tíì fọwọ́ sí i, irọ́ ni mo pa ní lífítì. Mo sọ ti oògùn, mo sọ ti ìka ìyá àgbà.

"Ta ló fún ọ ní oògùn yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ṣé mi ò bi ọ́ bó ṣe ń ṣe ọ́ ni?"

"Ẹ bi mí, sà. Mo ní ó dáa."

Mò ń dúró de ọ̀rọ̀ táyà, mò ń ro ohun tí màá sọ fún ọmọ mi. Kò dárúkọ táyà rárá. Ó ní, "Ta ló fún ọ ní ìwé?"

"Mátíróònù, sà. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kó fún mi."

"Mo ní kó kó wọn sórí tábìlì, kí ẹni tó bá wù ú mú un." Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ àwọn yòókù, ó sì yí i sọ́dọ̀ mi. Orúkọ ni. Mọ́kànlá nínú àwọn tó ti wọ ìwádìí náà láti oṣù tó kọjá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí. "Táyà, ìwọ lò ń bá wọn jẹun. Nínú àwọn mọ́kànlá yìí, mélòó ló fọwọ́ sí i torí pé wọn ò lè sọ fún mi pé àwọn ò ṣe?"

Mo wo orúkọ náà. Alásè ló wà lókè, ẹni tó ní kí la fẹ́ ṣe, ṣebí owó oṣù wọn là ń gbà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tẹ̀ lé e. Inú ṣáláńgá ló ń da hóró tirẹ̀ sí láràárọ̀, tó sì ń wá sọ fún wọn pé òun ti lò ó. Obìnrin ilé ìfọṣọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó sunkún lórí bẹ́ńṣì níṣojú mi. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tẹjú mọ́ mi, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló sì fi ń wò mí, mi ò rí irú rẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

"Mi ò mọ̀, sà," ni mo wí.