Ìgò Nọ́tímẹ́ẹ̀gì Inú Báàgì Ìyàwó

Nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù láti ilé ìwòsàn pé àbúrò rẹ̀ ń bá ògiri sọ̀rọ̀, obìnrin aránṣọ náà kò tilẹ̀ béèrè ohun tó fà á. Ọ̀dọ̀ ìyàwó àbúrò náà ni ọkàn rẹ̀ lọ tààrà. Ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi bùláòsì oníbàárà sílẹ̀ láìtíì ní apá kejì, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Atún-aago-ṣe ni àbúrò rẹ̀ yìí. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló fẹ́ obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì tà nínú ilé, láti ìgbà náà ni ara aránṣọ kò ti balẹ̀. Kò rí nǹkan kan dì mú. Ó kàn jẹ́ pé ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, aránṣọ sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó dákẹ́ báyẹn ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ó bá Jẹ́jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ètè rẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn lára fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ń sáré, ó ń lù ní ìgbà méjìléláàádóje láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ní àwọn aago ń rákò lórí ògiri, bẹ́ẹ̀ ògiri funfun lásán ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ń kú lọ. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n ṣùgbọ́n kò lè tọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó jẹ. Ìyàwó ní kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, àfi mílíìkì gbígbóná tó mu ní nǹkan bí aago méje. Nọ́ọ̀sì tún béèrè ẹni tó gbé e kaná. Ìyàwó dákẹ́ díẹ̀ kó tó ní òun ni. Aránṣọ rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì tọ́jú rẹ̀.

Ohun kejì tó rí ni báàgì. Báàgì kékeré aláwọ̀ dúdú kan wà lórí itan ìyàwó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í bí ẹni pé olè wà nítòsí. Bó bá fẹ́ nu òógùn ojú, ọwọ́ kan ló fi ń nù ún, èkejì kì í kúrò lórí báàgì. Dókítà wá, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó ní àyẹ̀wò tí àwọn fi ń wá oògùn nínú ara kò mú nǹkan kan jáde. Aránṣọ wo ìyàwó. Ìyàwó wo ilẹ̀.

Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì pe ìyàwó síta láti fọwọ́ sí ìwé. Ó gbàgbé báàgì sórí àga. Aránṣọ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí i. Lábẹ́ áńkáṣíìfù àti kọ́kọ́rọ́ ilé, ìgò kékeré kan wà tí kò ní orúkọ kankan lára, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ dé ìdajì. Ó di ìgò náà mọ́wọ́, ó lọ bá dókítà níbi tó ti ń kọ̀wé.

"Dókítà, ẹ wò ó. Inú báàgì ìyàwó ẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá."

Dókítà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbójú sókè. Ó pe ìyàwó wọlé, ó béèrè ohun tó jẹ́. Ìyàwó kò wo aránṣọ rárá. Ó ní nọ́tímẹ́ẹ̀gì lílọ̀ ni, òun fi ń ṣe kéèkì. Ọgbọ̀n gíráàmù ló kún inú ìgò náà nígbà tí òun ṣí i lánàá, ìdajì ṣíbí tíì péré sì ni òun bù níbẹ̀. Ìgbà tí ọkọ òun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ ni òun rí i pé ó ti dín dé ìdajì, àti ṣíbí ńlá tó dọ̀tí nínú bésìnì tí wọ́n fi ń fọ àwo.

Dókítà fi ojú díwọ̀n ohun tó kù. "Ẹni yìí á ti mu tó gíráàmù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá tó gíráàmù márùn-ún péré, ó lè da ara ènìyàn rú."

Aránṣọ ní kí dókítà má bínú, ohun tí ọmọdé ń jẹ nínú kéèkì, báwo ló ṣe máa di májèlé? Dókítà ní ìdajì ṣíbí tíì yẹn, odidi kéèkì ló pín in, ohun tó máa dé ẹnu ẹnì kan kò tó nǹkan. Ó ní òróró kan wà nínú nọ́tímẹ́ẹ̀gì, ohun kan tí wọ́n ń pè ní mairísítísìn sì wà nínú òróró náà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Bó bá pọ̀ lára, á máa da ọpọlọ láàmú, ọkàn á máa sáré, ẹnu á gbẹ, ìtọ̀ á há, ènìyàn á máa rí ohun tí kò sí, ẹ̀rù ikú á sì mú un. Bó ṣe ń ṣe é gan-an, àwọn onímọ̀ kò tíì rí i parí. Kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ènìyàn gbé e mì, ìdí nìyẹn tí Jẹ́jẹ́ fi jókòó tún aago ní àárọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Kò sí oògùn tó ń pa á. Omi ni wọ́n máa fà sí i lára, wọn á fún un ní oògùn tó máa mú ara rẹ̀ wálẹ̀, wọn á fa ìtọ̀ rẹ̀ jáde, wọn á sì máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ títí ó fi máa kúrò lára. Dókítà ní ó ṣọ̀wọ́n kó pa ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun eré.

"Ta ló wá bù ú sínú mílíìkì?" ni aránṣọ béèrè.

Dókítà ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mu ún sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Ni aránṣọ bá fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohunkóhun tí ìyàwó bá gbé wá, á kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tí ìyàwó bù wá, ó dà á nù níṣojú rẹ̀, ó sì lọ bu òmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ojú Jẹ́jẹ́ wálẹ̀. Orí rẹ̀ ṣì wúwo, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó béèrè ẹni tó fún un ní nǹkan mu.

"Èmi ni mo bù ú," ló wí. "Ìyàwó mi kàn gbé mílíìkì kaná ni. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo bù ú."

Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun kò ti sùn. Aṣebàtà ìsọ̀ kejì ló ní kí òun bù ú ní ìwọ̀n èékánná sínú mílíìkì, pé ó ń fa oorun. Òun ṣe é lálẹ́, oorun kò wá, òun wá rò pé ó kéré ni, ni òun bá bu ṣíbí ńlá méjì sínú mílíìkì àárọ̀. Wọ́n béèrè ohun tí kò jẹ́ kó sùn. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní òun kò rí àwọn ìdè wẹ́wẹ́ inú aago mọ́. Ìkùukùu ti bo ojú ọ̀tún, ti òsì sì ti bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́rin ni òun ti bàjẹ́ láàárín oṣù kan, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa wí i.

Aránṣọ yíjú sí ìyàwó, ó béèrè ìdí tó fi gbé ìgò náà pamọ́, nígbà tó mọ̀ pé ó lè ran dókítà lọ́wọ́.

"Ẹ̀rù bà mí, Àǹtí," ni ìyàwó fèsì. "Mo gbé e wá kí n lè fi hàn wọ́n. Nígbà tẹ́ ẹ wọlé, mo mọ̀ pé èmi lẹ máa kọ́kọ́ wò. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa yọ ọ́ jáde. Mo ṣe àṣìṣe, mo mọ̀."

Aránṣọ ní kó má bínú. Ìyàwó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun kò bínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ rí dókítà ojú. Wọ́n ní ìkùukùu náà ṣeé yọ. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe wọlé fún àyẹ̀wò, àwọn obìnrin méjèèjì jókòó síta, àga kan ṣófo láàárín wọn. Aránṣọ ra omi méjì, ó na ọ̀kan sí ìyàwó. Ìyàwó gbà á, ó yẹ ìdérí rẹ̀ wò bóyá ẹnì kan ti ṣí i, lẹ́yìn náà ló tó mu ún.