Ẹ Má Wo Inú Kámẹ́rà

Olójúkan ni gbogbo ilé ń pe àbúrò, nítorí pé láti ìgbà tó ti di ayàwòrán ló ti ń di ojú kan, tó ń fi èkejì wo ayé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ẹnu: òun ló ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, Olójúkan ló ń yà á. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní, wọ́n sì ń fi í ṣe fáàrí bí ẹni tó ní mẹ́wàá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Fíìmù nípa iná tó jó ilé iṣẹ́ aránṣọ ni, iná tó pa ìyá wọn pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹnìkan tì pa. Ẹni tó jókòó níwájú wọn ni Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, tó jẹ́ alábòójútó níbẹ̀ nígbà náà. Òun ló kó wọn sọ́dọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú tó sì tọ́ wọn dàgbà. Ohun kan ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ lẹ́nu ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀: ta ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?

Olójúkan kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó pa iná àjà, torí àwọ̀ iná àjà àti ti ojúmọ́ kì í bára wọn rẹ́. Ó ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sójú fèrèsé kí oòrùn má baà gbá Bàbá lójú, ó sì yí àga rẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, kí òjìji díẹ̀ wà lára èkejì. Ó fà á kúrò lára ògiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣú díẹ̀, kó má dà bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Bàbá, igi ti hù lórí yín o," ó ní, ó sì gbé igi tí wọ́n ń kọ́ fìlà sí kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ aago tó wà lára ògiri pẹ̀lú, torí bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì tún un tò, ọwọ́ aago á máa fò síwá sẹ́yìn bí ọ̀bọ.

Ó wá gbé kámẹ́rà sókè títí ó fi bá ojú Bàbá dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n jókòó sápá òsì kámẹ́rà, ó kọ̀yìn sí fèrèsé, ojú Bàbá sì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Olójúkan fi àyè sílẹ̀ nínú àwòrán níbi tí ojú yẹn ń wò, kó má dà bí ẹni tó ń fi imú gbá ògiri.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni Bàbá ń wo kámẹ́rà.

"Ẹ má wo inú kámẹ́rà, Bàbá. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni kí ẹ máa wò."

"Ojú wo? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Òkùnkùn ni mò ń rí ní tèmi."

"Ẹ ṣáà máa bá òkùnkùn náà sọ̀rọ̀, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìbéèrè yẹn dé, Bàbá dáhùn bó ṣe ń dáhùn láti kékeré wọn: "Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó sì ti kú, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì mú omi náà dán. Àwòrán náà dára débi pé inú Olójúkan dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn.

"Ó tán nìyẹn," Bàbá ní, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ku díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á tún àwọn ìbéèrè náà bi, kí n lè ya ojú tiẹ̀. Ẹ ò ní dáhùn o. Ẹ kàn jókòó kó lè rí ẹni máa wò."

Ọgbọ́n àwọn tó ní kámẹ́rà kan ṣoṣo nìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ ìjókòó, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé má baà sọ ẹ̀gbọ́n di òjìji. Ní báyìí, Bàbá ló kọ̀yìn sí fèrèsé, kámẹ́rà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀ òsì. Bàbá ti wo apá òsì àwòrán nínú tirẹ̀, apá ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ wò. Bí àwọn méjèèjì bá wo apá kan náà, àwọn òǹwòran á rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n jọ ń bá sọ̀rọ̀. Olójúkan kò yọ máìkì kékeré tó wà lọ́rùn ẹ̀wù Bàbá, torí iṣẹ́ ò tíì parí.

Ìmọ́lẹ̀ bo ojú ẹ̀gbọ́n. Olójúkan di ojú kan, ó wò ó, àyà rẹ̀ já. Ojú ìyá wọn gan-an ni, bó ṣe wà nínú fọ́tò tó ń bẹ ní yàrá.

Ẹ̀gbọ́n bi ìbéèrè kìíní, ó bi èkejì. Bàbá kàn tẹjú mọ́ ojú náà.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Èmi ni."

Olójúkan rò pé àgbàlagbà náà ń ṣàwàdà. Ó fẹ́ sọ pé, "Bàbá, a ní kí ẹ má dáhùn." Bàbá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Wọ́n ń jí aṣọ gba ibẹ̀ jáde," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo fi àgádágodo sí i. Nígbà tí iná sọ, mo sáré yí lọ sẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo dúró. Ìyá yín ń pè mí látinú ilé. 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi,' ló ń pè mí. Mo dúró."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọwọ́ tó di irun wọn, tó so okùn bàtà wọn, tó gbé wọn lọ sílé ìwé, ọwọ́ yẹn ló wà lápò lórí kọ́kọ́rọ́. Olójúkan fẹ́ kígbe, ọwọ́ tirẹ̀ kò sì kúrò lára kámẹ́rà. Nínú àwòrán, ojú ẹ̀gbọ́n kò yí, omi kò jáde níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kàn là sílẹ̀, tí kò sì mọ bí a ṣe ń pa á dé.

Bàbá ló kọ́kọ́ ta gìrì. "Kámẹ́rà yẹn ò ṣáà kọjú sí mi?"

"Kò kọjú sí yín, Bàbá." Olójúkan gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn àlejò. Ó lè dákẹ́ síbẹ̀. "Ṣùgbọ́n máìkì wà lọ́rùn yín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Bàbá fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù. Ìka rẹ̀ di máìkì náà mú. Ẹ̀gbọ́n kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá fi máìkì sílẹ̀.

"Yí i sí mi," ó ní.

Kò sẹ́ni tó rántí igi fìlà tàbí aago. Olójúkan yí kámẹ́rà. Fèrèsé ló wà lẹ́yìn Bàbá báyìí, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ló bá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lè wọlé, títí fèrèsé fi funfun gbòò bí iná, tí ojú àgbàlagbà náà sì yọ, pẹ̀lú gbogbo ìhunjọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí àyè rẹ̀, ó tún ìbéèrè náà bi. Bàbá gbìyànjú láti wò ó. Kò lè ṣe é.

Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó wo inú kámẹ́rà tààrà, ó wo Olójúkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Olójúkan la ojú kejì. Kò sọ fún un pé kó má wo ibẹ̀.