Oṣù Mẹ́jọ Nínú Yàrá Fáìlì

Yàrá fáìlì ọsibítù wa ò ní fèrèsé. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó wá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àkókò mi pé. Tí wọn ò bá gbà mí síṣẹ́ pátápátá, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni n ó padà sí, kí n máa bá a wo ọmọ. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà o, ṣùgbọ́n mi ò torí ìtẹ́dìí kàwé.

Ẹ má rò pé mo fiṣẹ́ ṣeré. Nígbà tí mo dé, nọ́ọ̀sì lè dúró fún ogójì ìṣẹ́jú kó tó rí fáìlì aláìsàn kan, torí orúkọ ni wọ́n fi ń tò ó, orúkọ èèyàn sì ń jọra. Mo gbàṣẹ, mo fi nọ́ńbà tún gbogbo rẹ̀ tò. Mo ń kọ ìgbà tí wọ́n béèrè fáìlì àti ìgbà tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ sílẹ̀. Ní báyìí, kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ìgbà kan tí mo ki èsì àyẹ̀wò ẹnì kan bọ inú fáìlì ẹlòmíràn, èmi fúnra mi ni mo sáré lọ sọ fún Ìyá Gíláàsì, ọ̀gá wa, kí dókítà tó rí i. Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ tún un ṣe.

Kò sọ nǹkan kan nípa pé kí n dúró. Èmi náà ò béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í béèrè, pé àgbà tó bá rí iṣẹ́ ẹni á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Inú ń bí mi láàárọ̀, inú ń bí mi nírọ̀lẹ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá.

Lọ́jọ́ tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, Ìyá Gíláàsì ní kí n kọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kọ ọ́, mo fi ojú ewé kan tí mo kọ àwọn ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn sí kún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀ ká jọ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fẹ́ dúró níbí bí òṣìṣẹ́ gidi. Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Kí ló kù tí mo ní láti ṣe?”

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. “O fẹ́ dúró? Àyè kan ti ṣófo láti oṣù kẹta tí o dé. O ò sọ̀rọ̀ rí, mo rò pé ibòmíràn lojú ẹ wà.”

Ó ní ọwọ́ òun nìkan kọ́ ló wà, pé òun á kọ̀wé sí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òun á sì so ojú ewé mi mọ́ ọn. Títí ìwé á fi dé, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti ríṣẹ́.

Ìwé dé lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúpẹ́ títí, ó wá ní, “Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé tóo bá dákẹ́, àgbà á rí i?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún oṣù márùn-ún tí àyè yẹn fi ṣófo tí mi ò béèrè.