Ìbéèrè Méjìlá

Kaothar, tíṣà tó ń ta híjáàbù lórí Fesibúùkù nílùú Ìwó, fẹ́ to ọ̀rọ̀ ìpolówó fún odidi oṣù: ọgbọ̀n ọjọ́, ọgbọ̀n ọ̀rọ̀. Kò tíì kọjá ọjọ́ kẹrin tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Zulaykha ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ìwé tó ń kọ wọ́n sí, ó pòṣé.

"Ta ló ní kó o máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ bíi rédíò? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó. Kí làwọn oníbàárà máa ń bi ọ́?"

"Ṣé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí? Ṣé ó bo àyà?"

"Máa fi ìpolówó rẹ dá wọn lóhùn."

Ìbéèrè méjìlá ni wọ́n rí, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní Sátidé, Kaothar kọ ìdáhùn wọn, ó ya fọ́tò gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yan ọjọ́ àti aago tí Fesibúùkù yóò máa gbé wọn jáde fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó jí lójú oorun ọ̀sán, ó bá ọ̀rọ̀ oníbàárà kan lórí fóònù, lábẹ́ ìpolówó tó jáde nígbà tó ń sùn: "Àǹtí, ẹ ò tiẹ̀ ń sinmi ni?"