Igi Ojú Fèrèsé

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Quadri tún dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ nínú iyanrìn, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Dìde," ni Abọ́dúndé wí. "Igi fèrèsé òkè dà?"

Quadri dìde. Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó wá gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọ̀nà àdúgbò tí kò dé rí. Ó kúkú mọ̀. Òun ló tú igi náà.

Ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ ní Àgùdà, fún àwọn tó máa háyà. Ẹnjiníà Jeremy ló gba iṣẹ́ náà. Quadri ni olórí àwọn birikilà tó ń rẹ́ ara ilé. Abọ́dúndé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ló to sikáfóòdù tí wọ́n ń dúró lé. Ọparun ló fi tò ó. Ó ri ìlà méjì lóòró, ó sì fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà rì. Ó dábùú òmíràn, ó fi igi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbà á mú, ó fi igi yí i ká ní ìbàdí kí ẹni tó bá fi ẹ̀yìn rìn má baà já.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò so ó mọ́ ilé. Ohun tó so ó mọ́ ilé ni igi mẹ́fà tó gba ojú fèrèsé mẹ́fà wọlé. Nínú yàrá, Abọ́dúndé dábùú igi mìíràn tó gùn ju fèrèsé lọ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wáyà dì wọ́n pọ̀. Bí sikáfóòdù bá fẹ́ ya kúrò lára ilé, igi inú yàrá á há mọ́ ògiri, kò ní jẹ́ kó lọ.

Birikilà kò sì lè rẹ́ etí fèrèsé tí igi gbà kọjá. Abọ́dúndé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n máa mú fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí wọ́n pe òun, kí òun tú u, kí wọ́n rẹ́ ẹ, kó gbẹ, kí òun so ó padà, kí wọ́n tó kan ìkejì. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́.

"Etí fèrèsé la fẹ́ rẹ́, Bàbá," ni Quadri wí. "Ẹ má bínú."

"Mo ní ẹ pè mí."

"Ẹ ti lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé."

"Fóònù ńkọ́?"

"Kò sí kírẹ́díìtì, sà."

Jude, lébìrà tó ń po sìmẹ́ǹtì, bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí kírẹ́díìtì! Ìwọ tí o pe ìyàwó ẹ títí ẹ̀wà fi tutù níwájú ẹ!"

"Jude, gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Abọ́dúndé kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú ilé, ó gun àtẹ̀gùn. Àjà kẹta: fèrèsé mẹ́ta, kò sí igi kankan. Àjà kejì: ẹyọ kan ló kù nínú mẹ́ta. Wáyà tuntun tó lọ rà ní Ọ̀yìngbò láàárọ̀ yẹn wà ní èjìká rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tutù. Aago méje ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tinú tòde ni wọ́n rẹ́ ẹ. Bí ó bá dábùú igi lé e báyìí, gbogbo rẹ̀ ni yóò ya dànù.

Ó yọjú síta. Àwọn ọmọkùnrin méjì wà lórí pákó, wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì na ògiri, wọ́n ń kọrin. Níwájú gbogbo sikáfóòdù náà, tapólì aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní Sátidé. Aládùúgbò ló ní sìmẹ́ǹtì ń ta sí aṣọ tí òun sá, ni Jeremy bá ní kí wọ́n ta á. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, tapólì náà kún bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Ọparun dún.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹnjiníà lẹ́bàá mọ́tò rẹ̀.

"Kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ títí dọ̀la," ló wí. "Kí ẹ ká tapólì yẹn."

Jeremy mú fóònù kúrò létí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún mi níbí. Sikáfóòdù yín ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé ó ṣubú?"

"Igi fèrèsé ló mú un dúró. Wọ́n ti tú márùn-ún."

"Ẹ bá wa so ó tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá parí."

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn ò sí lórí ẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n! Ó dáa náà nìyẹn." Ó gbé fóònù padà sétí.

Abọ́dúndé gbójú sókè wo àwọn ọmọkùnrin náà. Ó ti rí ẹni tó já rí. Ní Iganmu ni, Ambrose ni wọ́n ń pè é. Ibi tó ti já kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ. Wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó tó hàn pé kò lè dìde. Kò tíì dìde títí dòní. Ọmọ méjì ni Mojísọ́lá, ọmọ Abọ́dúndé, ti bí fún Quadri. Èyí kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà nílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ràn án lọ́wọ́, ó gbé àkàbà tí wọ́n fi ń gun òkè. Ó gbé e sí èjìká, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó jókòó lé e. Kò pẹ́ tó gbọ́ ẹ̀rín. Ó jáde wò. Quadri ni ó ń fi ẹsẹ̀ lásán gun ọparun bí ẹni ń gun igi àgbọn, páànù sìmẹ́ǹtì lórí, ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń di igi mú. Gbogbo sikáfóòdù náà ń mì.

Jude pariwo láti ìsàlẹ̀: "Bàbá, ẹ gbé ọparun náà lọ!"

Abọ́dúndé gbé àkàbà padà wá, ó gbé e ti sikáfóòdù. Ó ti mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i.

Ní aago kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Abọ́dúndé mú pílà rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn inú ilé lọ sí àjà kẹta. Kò gun sikáfóòdù náà. Ojú fèrèsé ló dúró sí. Ó na ọwọ́, ó gé wáyà tó di pákó tí wọ́n ń tẹ̀ mú, ó fa pákó náà wọ yàrá. Ó lọ sí fèrèsé kejì. Ó lọ sí ìkẹta. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí àjà kejì, ó ṣe bákan náà. Eyín rẹ̀ pa pọ̀, òógùn wọ̀ ọ́ lójú. Pákó mẹ́tàlá ló fà wọlé, pẹ̀lú páànù sìmẹ́ǹtì méjì. Ohun tó kù níta kò tó kí ológbò dúró lé.

Ó kó ti àjà kejì lọ sí òkè, ó tò wọ́n jọ, ó jókòó lé wọn lórí.

Jeremy ló kọ́kọ́ rí i. Ohùn rẹ̀ la ilé já. "Ta ló yọ pákó? Bàbá! Bàbá, ẹ ti parí iṣẹ́ yín níbí! Ẹ kó ẹrù yín, ẹ máa lọ!"

Ẹsẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn. Quadri wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lọ́tẹ̀ yìí kò dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe fún mi yìí? Sìmẹ́ǹtì tí a pò ń gbẹ lọ nísàlẹ̀! Ẹ dìde kí n mú pákó."

"Mi ò dìde."

"Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, Bàbá! Wọ́n á ní àna mi ló ń darí mi."

"Kí wọ́n wí."

Quadri bẹ̀rẹ̀, ó di etí pákó tó wà lókè mú, ó fà á. Abọ́dúndé fi ìdí tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, ọkọ ọmọ àti bàbá ìyàwó. Yàrá náà ṣókùnkùn. Òjò ti ṣú láti ìlà oòrùn, wọn kò sì mọ̀.

Atẹ́gùn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbọ́ tí tapólì lù gbàà. Quadri yíjú sí fèrèsé, pákó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sikáfóòdù ń lọ. Kò yára. Ọparun tó sún mọ́ fèrèsé débi pé ọwọ́ lè kàn án rọra sún sẹ́yìn, ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó tó méjì, bí ọkọ̀ tó ń kúrò ní èbúté. Nísàlẹ̀, igi kan ṣoṣo tó kù lójú fèrèsé fà le, ó ké, ó dá. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan níwájú wọn mọ́ àfi òfuurufú àti òrùlé àwọn ilé Àgùdà.

Ariwo rẹ̀ pẹ́ kó tó tán.

Jude ló kọ́kọ́ kígbe. Ó ti sá wọ abẹ́ ilé. Kò sẹ́ni tó farapa. Ọgbà ìta wó, ọparun mẹ́ta sì sùn sórí mọ́tò ẹnjiníà. Àwọn ènìyàn jáde láti ilé wọn nínú òjò, wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ orin.

Jeremy dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó tutù rinrin. Nígbà tí Abọ́dúndé jáde, ó na ìka sí i. "Ẹ rí nǹkan tí ẹ ṣe? Ẹ yọ pákó rẹ̀, ó fúyẹ́, ni atẹ́gùn bá gbé e!"

Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jọ ọ̀rọ̀ gidi létí wọn.

Abọ́dúndé kó wáyà rẹ̀, òòlù rẹ̀ àti pílà sínú àpò, ó jáde sí títì.

Ó ti fẹ́ dé ìkóríta kí Quadri tó bá a. Kò wọ bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ títì, kò sì tètè dìde.

"Dìde. Mọ́tò á tẹ̀ ọ́."

Quadri dìde. "Bàbá, wọ́n ti pe ẹlòmíràn. Lọ́la ló máa wá to tuntun. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Kì í fi igi sójú fèrèsé."

"Sọ fún un."

"Mo ti sọ fún ẹnjiníà. Ó ní kò sáyè. Wọn ò ní gbọ́, Bàbá."

Abọ́dúndé wò ó. Omi òjò ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìwọ náà ti wá rí i," ló wí.

Ó gbé àpò rẹ̀ sí èjìká kejì. Ó rìn díẹ̀, ó tún yíjú padà.

"Má gùn ún."