Kà Á Dé Ìsàlẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Àǹtí Àgbà bá lẹ́tà kan lórí tábìlì rẹ̀ ní kíláàsì kìn-ín-ní. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ló ti wá. Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ilé-ìwé ń pe ọkùnrin náà, àfi Àǹtí Àgbà nìkan. Ajẹ-pẹ́ńsù ni òun ń pè é, nítorí pé kíláàsì yìí kan náà ló ti kọ́ ọ ní ìwé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, kò sì sí pẹ́ńsù tí wọ́n fún un tí kò rún títí dé ìdajì.

Ó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó kà á.

“Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, mo máa sọ kọ̀ǹpútà gbogbo kíláàsì dọ̀tun. Màá nu inú wọn mọ́ pátápátá kí n tó fi ètò tuntun sí i. Ohunkóhun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ló máa lọ, ì báà wà lójú rẹ̀, ì báà wà ní kọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ bá ti kó sínú kọ̀ǹpútà àgbà tó wà ní ọ́fíìsì mi kò ní í lọ. Ẹ kọ́kọ́ kó èsì ìdánwò, ẹ̀kọ́ tí ẹ ti kọ sílẹ̀, àwòrán àti ohùn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín síbi tí ẹ ó ti rí i, torí kọ̀ǹpútà kò ní í rántí rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè da ẹrù yín sínú fíláàṣì.”

Ó ku ìlà díẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọmọ kan ti da omi sórí ọmọ kejì, igbe ta, Àǹtí Àgbà sì ti lẹ́tà náà sábẹ́ ìwé. Kò padà sí i mọ́. Kí ni Ajẹ-pẹ́ńsù fẹ́ sọ tí òun ò mọ̀? Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àkísà tirẹ̀ sì wà nínú kọ̀ǹpútà náà lóòótọ́. Ọdọọdún, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ, Àǹtí Àgbà máa ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan sídìí fèrèsé. Ọmọ á dìde dúró, á ṣí ìwé kíkà rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ tó lè kà tán láìsí ìrànlọ́wọ́, á kà á, Àǹtí Àgbà á sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ dúró lágbedeméjì, wàá gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn pé, “Kà á dé ìsàlẹ̀.” Kásẹ́ẹ̀tì ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í há, ọmọbìnrin rẹ̀ bá a kó gbogbo ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà kíláàsì, wọ́n sì da kásẹ́ẹ̀tì nù. Ọmọbìnrin náà fi àmì kan sójú kọ̀ǹpútà, ó kọ “Ohùn Àwọn Ọmọ Mi” sábẹ́ rẹ̀, pé kí ìyá òun má baà máa wá a kiri.

Ní ìparí sáà yìí, Àǹtí Àgbà máa fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ aago ògiri tí wọ́n máa fún un. Aago kọ́ ló ń wù ú. Ohùn àwọn ọmọ yẹn ló fẹ́ mú lọ sílé, kó máa gbọ́ wọn láàárọ̀ tí ilé bá pa rọ́rọ́. Ó ti ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Ó mú àmì náà, ó wọ́ ọ lọ sínú fíláàṣì. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ ọ̀hún yá tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́gbọ́n sì ni, ó fẹ́ kó dá òun lójú: ó ṣí fíláàṣì, ó tẹ àmì tó wà nínú rẹ̀, fódà ṣí gbayawu, ọdún lórí ọdún. Ó tẹ ọ̀kan, ohùn ọmọbìnrin kan jáde, ohùn tín-ín-rín tó ń tọ ọ̀rọ̀ wò bí ẹni tó ń tẹ ẹrẹ̀. Ọkàn Àǹtí Àgbà balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó so fíláàṣì mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀.

Ó pàdé Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà lẹ́bàá àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Ẹtì.

“Àǹtí, ẹ ò tíì mú fíláàṣì yín wá bá mi o.”

“Kí n mú un wá ṣe kí ni? Mo ti da ẹrù mi kọ, mo sì ti dán an wò. Ṣó o rò pé orí mi ò pé mọ́ ni?”

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tó ẹni tó ń bí ọmọ báyìí, síbẹ̀ bí Àǹtí Àgbà bá la ojú mọ́ ọn, ńṣe ló ń dà bí ẹni tí wọ́n bá pẹ́ńsù lẹ́nu rẹ̀. “Ó ti dáa, mà,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Àǹtí Àgbà délé, ó ní kí ọmọbìnrin òun gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, kí wọ́n jọ gbọ́ ohùn díẹ̀. Ọmọ náà ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ó tẹ àmì náà. Kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ohun tí wọ́n ń wá. Ó tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde.

“Màámi, kí lẹ kó síbí?”

“Ohùn àwọn ọmọ mi. Ṣebí ìwọ náà lo fi wọ́n síbẹ̀.”

Ọmọ náà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ti rí ọfà kékeré tó wà létí àmì náà. “Màámi, ọ̀nà àbùjá ni mo fi sójú kọ̀ǹpútà fún yín. Ó kàn ń júwe ibi tí ohùn wà ni, kì í ṣe òun ni ohùn. Lórí kọ̀ǹpútà tiyín, ó máa ṣí, torí ohùn ṣì wà níbẹ̀. Níbí, kò sí nǹkan kan tó ń júwe.”

Àǹtí Àgbà fò dìde. Ó gbé fóònù, ó pe Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà.

“Ajẹ-pẹ́ńsù, ṣé o ti dé kíláàsì mi?”

“Ibẹ̀ ni mo wà yìí, mà. Mo ti nu ún, ètò tuntun ti ń wọlé.”

“Ohùn àwọn ọmọ mi wà nínú ẹ̀.”

Ohun tó gbọ́ ni ìró okùn iná tí wọ́n fà yọ lára ògiri.

Nígbà tóun àtọmọ rẹ̀ fi máa sáré dé ilé-ìwé, oòrùn ti ń wọ̀. Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ti tú kọ̀ǹpútà kíláàsì kìn-ín-ní, ó ti yọ díìsì rẹ̀ jáde, ó ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn ní ọ́fíìsì rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Lẹ́tà ọjọ́sí wà lára ògiri níbẹ̀. Àǹtí Àgbà ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí ìdúró.

“Bí ẹ bá ti kó o tán, ẹ má dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kan náà, torí ó lè tàn yín jẹ. Ẹ mú fíláàṣì yín wá bá mi, ká ṣí i lórí òmíràn.”

Ojú tì í. Ẹni tó ti ń pariwo “kà á dé ìsàlẹ̀” láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú! Ó jókòó sórí àpótí kan, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ má sunkún,” ni Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà wí. “Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ wò ó, nínù tí mo nu ún, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ya ojú ewé tí wọ́n to àkọlé sí kúrò níwájú ìwé. Ìwé ṣì wà. Àmọ́ ètò tuntun ti kọ nǹkan tiẹ̀ lé orí apá kan, ìyẹn ò ní í padà. Ìdí tí mo fi fa iná yọ nìyẹn, kó má baà kọ síwájú. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, màá kó o. Ṣùgbọ́n kò ní í lórúkọ mọ́. Nọ́ńbà lásán ni.”

“Kó o,” ni Àǹtí Àgbà wí.

Ó ṣiṣẹ́ náà títí di ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, àwọn ohùn tó rí kó jáde wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà ní nọ́ńbà, láìsí orúkọ, láìsí ọdún. Àwọn mìíràn ti lọ pátápátá. Èyí sì dun Àǹtí Àgbà wọra, nítorí kò mọ àwọn tó lọ, kò sì sí bó ṣe lè dárò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà tẹ àkọ́kọ́. Ọmọ kan ń kàwé, ó ń fi imú fa èémí.

“Ọmọ dókítà eyín,” ni Àǹtí Àgbà wí kíá. “Ọ̀fìnkìn ò fi í sílẹ̀ rí.” Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tẹ òmíràn. “Ìyẹn? Èyí tó máa ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ìbejì tẹ̀ lé e lọ́dún náà. Èyí tó ń kà báyìí, àbúrò nínú wọn ni, ẹ̀gbọ́n kì í kánjú.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ohùn kan á dún, Àǹtí Àgbà á di ojú, á rẹ́rìn-ín, á pe ẹni náà: ọmọ télọ̀, ọmọ tó ń bẹ̀rù òjò, arábìnrin tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Fèrèsé àtijọ́ tún ṣí níwájú rẹ̀, àwọn ọmọ sì tún tò síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n dàgbà tán, wọ́n tú ká, síbẹ̀ kò ṣi ẹyọ ọ̀kan pè. Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ń wò ó tìyanutìyanu.

Nígbà tó yá, ó tẹ ọ̀kan, ọmọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere, bí ẹni tí nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ka ìlà mélòó kan, ó dúró. Ohùn obìnrin kan, tó ṣì lágbára, sọ láti ẹ̀yìn pé, “Tu igi ẹnu ẹ dànù. Kà á dé ìsàlẹ̀.” Wọ́n gbọ́ tí nǹkan jábọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà sì tún gbé e, ó kà á dópin, ó ní, “Mo ti kà á tán, Àǹtí.”

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ò gbé ọwọ́ sókè pé òun ni. Ó dúró pé kí Àǹtí Àgbà pe orúkọ, kí òun kọ ọ́. Àǹtí Àgbà wò ó, ó wo pẹ́ńsù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín ti jẹ ìdí pẹ́ńsù náà.

“Tún un tẹ̀,” ló wí. “Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀.”